Kiléèmù kì í ṣe sitíráìkì: bí mo ṣe pa àdúrà ìyá ìyàwó mọ́ ọn lẹ́nu

Ẹ̀yin tí ẹ ń ya fídíò ìnáwó kiri Àkúrẹ́, ẹ gbọ́ ohun tó ṣe mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo gbé fídíò ìgbéyàwó kan sórí YouTube. Ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ ń súre fún un, dí-jéè sì ń lu orin olórin lábẹ́ rẹ̀. (Ẹ má bi mí pé kí ló dé tí mi ò ní kó dákẹ́. Ta ní ń gbọ́ ti oníkámẹ́rà níbi ìnáwó?) Kí ilẹ̀ tó mọ́, kiléèmù ti dé, pé orin olórin wà nínú fídíò mi. Àyà mi já. Mi ò ka nǹkan kan, mo sáré pa gbogbo ohùn ibẹ̀. Lọ́sàn-án, ìyàwó pè mí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹnu Mọ́mì ń lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan o.” Mo wò ó: màmá gbé ọwọ́ lé e lórí, omi ń dà lójú wọn, fídíò dákẹ́ rọ́rọ́.

Sitíráìkì ni mo pè é, kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀. Content ID, ẹ̀rọ tó ń fi ohùn fídíò wé orin tí àwọn olóhun ti kó sílẹ̀, ló ń mú kiléèmù wá. Fídíò yẹn nìkan ló kàn: olóhun lè máa gba owó ìpolówó orí rẹ̀, tàbí kó dí i. Sitíráìkì ní tirẹ̀, ènìyàn ló kọ̀wé lábẹ́ òfin pé kí wọ́n yọ fídíò kúrò. Ṣánẹ́lì lèyí ń bá jà. Tó bá pé 3 láàárín ọjọ́ 90, wọ́n lè ti ṣánẹ́lì pa. Kéèyàn pa fídíò rẹ́ kò sì ní kó lọ.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ kà á. Nínú YouTube Studio, ẹ wọ Content, ẹ wo abẹ́ Restrictions, ẹ tẹ Copyright. Ẹ ó rí orin tí wọ́n mú, ìṣẹ́jú tó ti bẹ̀rẹ̀ àti ohun tí olóhun fẹ́. Tó bá jẹ́ dídí ni, ẹ yan yíyọ orin nìkan, kì í ṣe gbogbo ohùn. Bí orin bá ti bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀, ó lè má yọ dáadáa.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí: ẹ gba ohùn ọ̀tọ̀. Ẹ há máìkì kékeré sí àyà aṣọ ìyá àti bàbá kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀, kí ohùn wọn wà ní fáìlì tirẹ̀. Tí ẹ bá ń to fídíò, ohùn máìkì yẹn ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ fi orin láti Audio Library inú Studio sábẹ́ rẹ̀. Ẹ yan èyí tí wọ́n kọ Attribution not required sí. Tó bá jẹ́ ti Creative Commons, àṣẹ tó ní kéèyàn dárúkọ olórin, ẹ da ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kọ sábẹ́ fídíò. Ibi tí ẹ ti ń sanwó oṣooṣù fún orin, ẹ fi orúkọ ṣánẹ́lì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kiléèmù á ṣì dé.

Fáìlì àkọ́kọ́ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo tún un gbé sókè, kiléèmù náà tún dé. Lọ́tẹ̀ yìí mo kà á: owó ìpolówó nìkan ni wọ́n fẹ́. Mo fi í sílẹ̀ fún wọn.