Sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kí wọ́n ṣí ímeèlì iṣẹ́

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi ti rí látìgbà tí mo ti ń bá àwọn ilé iṣẹ́ wá òṣìṣẹ́ l'Ékòó. Orí fóònù la ti ń wo ímeèlì jù, fóònù kì í sì í gbé gbogbo sọ́bújẹ́ẹ̀tì jáde, tó bá ti tó bíi lẹ́tà 30 sí 40 ó máa gé e. Ẹ wá wo èyí tọ́pọ̀ èèyàn ń kọ:

```
APPLICATION FOR THE POST OF AN ACCOUNTANT IN YOUR REPUTABLE COMPANY
```

Tí fóònù bá gé e ní lẹ́tà 30, ibi AN ló máa dúró sí, iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń wá gan-an ò tíì jáde! Ẹni tó fẹ́ ṣe dírẹ́bà, ẹni tó fẹ́ ṣe sẹ́kítírì, bí gbogbo wọn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò wá séyìí téèyàn lè dá mọ̀. Èyí ni màá ṣí:

```
Accountant, Ikeja: ICAN, 5 years
```

Orúkọ iṣẹ́ ló ṣáájú, torí òun náà ni mo máa tẹ̀ tí mo bá ń wá yín lọ́jọ́ míì, ibi tíṣẹ́ wà ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tẹ́ ẹ ní tí iṣẹ́ yẹn ń béèrè. Ẹ má fi orúkọ yín há a, ó ti wà níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó fi ímeèlì ránṣẹ́ sí, àfi tó bá jẹ́ ìnagijẹ lẹ fi síbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè pààrọ̀ ẹ̀.

Ṣùgbọ́n tí ìpolówó iṣẹ́ bá ti sọ ohun tẹ́ ẹ máa kọ, ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà gẹ́lẹ́. Àwa kan máa ń ṣètò Gmail kó fi sọ́bújẹ́ẹ̀tì ṣa ímeèlì sọ́tọ̀, tiyín ò ní bọ́ síbẹ̀ tẹ́ ẹ bá yí i. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rán wa létí, orí ímeèlì àkọ́kọ́ ni kẹ́ ẹ ti fèsì, torí tẹ́ ẹ bá yí sọ́bújẹ́ẹ̀tì ẹ̀, Gmail á yà á sọ́tọ̀ bíi tuntun.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbani síṣẹ́ náà, ẹ̀rù ímeèlì yín ń ba àwọn èèyàn o. Wọ́n ti fi íńtáfíù tan ọ̀pọ̀ lọ síbi tí wọ́n ti fẹ́ ta ọjà fún wọn, torí náà CONGRATULATIONS!!! tàbí URGENT INVITATION, ṣe ni wọ́n á rò pé jìbìtì ni. Ẹ kọ ọ́ báyìí:

```
Interview Tue 10am: Accountant, Ikeja
```

Àdírẹ́sì ímeèlì ilé iṣẹ́ yín ni kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́, kó má jẹ́ Gmail ọ̀fẹ́. Ẹ má sì fi Re: síwájú ímeèlì tẹ́nì kankan ò kọ sí yín rí, irọ́ nìyẹn, ẹni tẹ́ ẹ bá fi tàn kò ní gba nǹkan míì tẹ́ ẹ bá sọ gbọ́.

Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ mọ sọ́bújẹ́ẹ̀tì tó ń ṣiṣẹ́, iye èèyàn tí wọ́n ní ó ṣí ímeèlì yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ jóòótọ́ mọ́. Láti 2021, Apple Mail lè ti gbé àwòrán inú ímeèlì tí wọ́n fi ń mọ̀ pé ẹnì kan ti ṣí i wọlé fúnra ẹ̀ kí ẹni tó ni ín tó fojú kàn án, ẹ̀yin á rò pé ó ti kà á. Iye àwọn tó fèsì ni kẹ́ ẹ kà.