Ojú mẹ́rin tó ṣófo nínú kíréètì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Wọ́n ti lu agogo ìjáde, kíláàsì ti dá páropáro, ṣùgbọ́n mi ò tíì dìde. Mo fẹ́ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí sílẹ̀ kí wàhálà ọ̀nà àti oúnjẹ alẹ́ tó gbé e lọ. Òǹkà Yorùbá ni mo kọ́ àwọn ọmọ ọdún kìíní sẹ́kọ́ńdìrì, láti 1 dé 100, láàárín ìṣẹ́jú 40. Bí mo ṣe kọ ọ́ sínú ìwé ètò ìkọ́ni mi nìyẹn. Ó ti pọ̀ jù kí n tó wọ kíláàsì rárá.

Àwọn ọmọ yìí mọ òǹkà kà bí ẹni ń kọrin. Ẹ ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti oókan, wọ́n á kà á dé ọgọ́rùn-ún láìsinmi. Àmọ́ ẹ kọ 36 sójú pátákó kí ẹ ní kí ẹnì kan pè é, ẹ ó rí ètè tó ń mì wúyẹ́wúyẹ́. Láti ọgbọ̀n ló ti ń kà á bọ̀: mọ́kànlélọ́gbọ̀n, méjìlélọ́gbọ̀n, títí yóò fi dé ibi tí mo bi í. Ẹni tí n kò bá fún láyè àtikà á bọ̀ yóò sọ ohun tó bá wá sí i lẹ́nu.

Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, mo pín pélébé ìwé fún wọn, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ kọ 27 àti 36. Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo tún ní kí wọ́n kọ ọ́. Ìwé méjèèjì ló wà níwájú mi yìí.

Kíréètì ẹyin ni mo fi kọ́ wọn. Mo ti ń ṣa èyí tó ṣófo jọ lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ẹyin ládùúgbò wa láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ojú 30 ló wà nínú ọ̀kan, márùn-ún márùn-ún ní ìlà mẹ́fà. Mo fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní kíréètì kan àti ìdérí ìgò tó lé ní 30, mo ní kí wọ́n to 26 sínú rẹ̀. Wọ́n tò ó tán. Mo wá bi wọ́n pé kí ni wọ́n rí. Ọmọbìnrin kan tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹyin kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀: “Ó ku mẹ́rin kó kún, ma.” Mo ní kó tún un sọ. Mo kọ ọ́ sójú pátákó: mẹ́rin dín ní ọgbọ̀n. Mo fà á pọ̀ níṣojú wọn, ó di mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ariwo “Háà!” tó sọ nínú kíláàsì yẹn, mo ṣì ń gbọ́ ọ. Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń pe ọ̀rọ̀ yìí láìmọ̀ pé gbólóhùn ni, pé ẹni tó ń pè é ń ṣe ìṣirò lẹ́nu!

Ìyẹn yóò wà nínú ètò mi títí láé. Wọ́n ṣe 27, 28 àti 29 fúnra wọn láìjẹ́ pé mo sọ nǹkan kan. Nígbà tí a dé 25, ọmọkùnrin kan bi mí pé ìlà kan ló ṣófo lódindi, márùn-ún sì ti wà lórí ogún, kí ló dé tí a kì í fi pè é ní márùn-ún lé? Ìbéèrè gidi ni. Kíréètì kò lè dáhùn rẹ̀, nítorí márùn-ún tó wọlé àti márùn-ún tó kù jẹ́ ọgbọọgba. Mo sọ fún un pé bí èdè wa ṣe yàn án nìyẹn: oókan dé ẹẹ́rin la máa ń fi lé, láti aárùn-ún la ti ń yíjú sí ẹ̀wá tó ń bọ̀ níwájú. Ó gbà, mo sì rò pé ó tọ́ kí n sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀ dípò kí n wá ìdí tí kò sí.

Ẹ wá wo ìwé tó wà níwájú mi. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àwọn tó kùnà 36 pín sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan kọ “mẹ́fàlélọ́gbọ̀n”. Àwọn wọ̀nyí ń fi Gẹ̀ẹ́sì ka Yorùbá: wọ́n rí mẹ́ta, wọ́n rí mẹ́fà, wọ́n fi mẹ́fà lé ọgbọ̀n. Àwọn mìíràn kọ “mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n”, èyí tó jẹ́ 26. Àwọn yìí mọ̀ pé a máa ń dín, wọ́n mọ̀ pé mẹ́rin la ó dín, ṣùgbọ́n ẹ̀wá tí wọ́n fojú rí ni wọ́n dín in nínú, wọn kò lọ sí èyí tó ń bọ̀. Tẹ́lẹ̀, ìlà pupa kan náà ni mo máa ń fà sí méjèèjì. Mo kábàámọ̀ rẹ̀ gan-an lónìí, torí àìsàn wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni kìíní kò tíì mọ dín rárá. Ẹni kejì ti mọ̀ ọ́n, ibi tí yóò ti dín in ló ṣì. Ọ̀nà tí mo fi ń dá ẹni kejì mọ̀ ni pé kí n ní kó kọ 26 fún mi pẹ̀lú. Bó bá kọ “mẹ́rìndínlógún”, a jẹ́ pé ẹ̀wá tó fojú rí ló ń dín in nínú nígbà gbogbo.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló gba 27. Àwọn tó ń kọ “mẹ́fàlélọ́gbọ̀n” ku ẹyọ mélòó kan. Àmọ́ àwọn tó kọ 36 ní “mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n” pọ̀ ju ti àárọ̀ lọ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá mi lójú. Èmi ni mo fà á. Odindi wákàtí ìkọ́ni ni mo fi kíréètì olójú 30 hàn wọ́n, kò sígbà tó kún tí kì í ṣe ọgbọ̀n. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbà ni pé ọgbọ̀n la máa ń dín nǹkan nínú. Mo sì tún sáré wọ àádọ́ta nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí a yọ ẹ̀wá kúrò nínú rẹ̀, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún lọ́nà mẹ́ta. Nítorí náà 45 jẹ́ 60 − 10 − 5. Ojú wọn rẹ̀wẹ̀sì níbẹ̀, ọwọ́ tó ń nà sókè sì dáwọ́ dúró.

Ètò tuntun fún Ọjọ́bọ̀ nìyí. A ò ní kọjá 40. Mo máa fi ọ̀bẹ gé kíréètì kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta lálẹ́ yìí, ìlà méjì méjì, kí abala kọ̀ọ̀kan ní ojú mẹ́wàá. Fún 36, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò to abala mẹ́ta kún, wọn yóò wá fúnra wọn bèèrè abala kẹrin lọ́wọ́ mi kí mẹ́fà tó kù lè ríbi jókòó. Abala tí wọ́n wá gbà yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n fojú rí: òun ló sọ ọgbọ̀n di ogójì, nínú rẹ̀ sì ni ojú mẹ́rin ti ṣófo. N ò ní dárúkọ ogójì fún wọn. Mo máa ní kí wọ́n ka gbogbo ojú tó wà nílẹ̀, èyí tó kún àti èyí tó ṣófo. Lẹ́yìn náà ni mo máa to 26 àti 36 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí tábìlì, nítorí mẹ́rin ló ṣófo nínú méjèèjì, kí wọ́n sì sọ fún mi ohun tó mú kí orúkọ wọn yàtọ̀.

Àádọ́ta di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Fún ìyẹn mo nílò kíréètì méjì tí n kò gé, nítorí ọgọ́ta ni méjèèjì pa pọ̀. Kí n yáa rántí yà wọ́n sọ́tọ̀ kí n tó mú ọ̀bẹ.