Wákàtí tí ọjọ́ ti ń yẹ̀ nínú ìjábọ̀ ojoojúmọ́

Bí ìjábọ̀ ojoojúmọ́ kò bá bá ìwé oníṣirò owó mu, kì í ṣe iye owó ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Wákàtí ni mo máa ń wá. Láti aago mélòó ni ìṣẹ̀lẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sínú ọjọ́ tí kì í ṣe tirẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, wákàtí yẹn á ti sọ irú àṣìṣe tó wà nínú kóòdù fún mi kí n tó ṣí kóòdù náà rárá.

Iṣẹ́ kan tí wọ́n pè mí sí ló kọ́ mi ní èyí. Ilé iṣẹ́ náà ń tajà lórí ayélujára, Niú Yọ́ọ̀kì ni àwọn oníṣirò owó wọn wà, ṣùgbọ́n aago UTC ni sáfà wọn ń lò. Àròpọ̀ oṣù fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu délẹ̀, àmọ́ kò sí ọjọ́ kan tí iye tirẹ̀ péye. Òní á dín, ọ̀la á lé. Nígbà tí mo dé, ẹnì kan ti gbìyànjú láti tún un ṣe. Obìnrin tó ń bójú tó ìwé owó ní kí n jókòó, ó sì sọ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, tẹ́lẹ̀, ọjà alẹ́ nìkan ló ń sọnù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti tún un ṣe, ọjà ọ̀sán náà ti ń bá a lọ.”

Ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn gan-an ni ìdáhùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì yé ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọjà kan yẹ̀ wò. Oníbàárà ra nǹkan ní Niú Yọ́ọ̀kì ní ọjọ́ 15, oṣù Kìíní, ọdún 2024, ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́. Nígbà òtútù, Niú Yọ́ọ̀kì fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn UTC, nítorí náà ohun tí sáfà kọ sílẹ̀ ni `2024-01-16 02:30`. Kò sí irọ́ níbẹ̀ o. Ìṣẹ́jú kan náà ni, orúkọ méjì ló ní. Ìgbà tí ìjábọ̀ bá gé wákàtí kúrò lára òǹtẹ̀ àkókò yẹn, tó wá fi ọjọ́ nìkan sílẹ̀, ni wàhálà dé:

```sql
SELECT created_at::date, sum(amount)
FROM orders GROUP BY 1;
```

Ọjọ́ 16 ni ọjà náà bọ́ sí. Gbogbo ọjà tó wọlé láti aago méje alẹ́ lọ́hùn-ún ló ń bá a rìn, nítorí aago méje alẹ́ wọn ni aago méjìlá òru UTC. Àmì àṣìṣe àkọ́kọ́ nìyẹn: bí ọjọ́ bá ń yẹ̀ ní wákàtí tó dọ́gba pẹ̀lú òru UTC, a jẹ́ pé wọn kò yí àkókò náà padà rárá. Aago méje alẹ́ ni nígbà òtútù, aago mẹ́jọ sì ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Òun náà ló fà á tí àròpọ̀ oṣù fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bára mu. Ọjà kò sọ nù, ó kàn sún síwájú ni, alẹ́ ọjọ́ tó kẹ́yìn oṣù nìkan ló sì ń bọ́ sínú oṣù tó tẹ̀ lé e.

Ẹni tó kọ́kọ́ ṣàtúnṣe mọ èyí dáadáa. Ohun tó kọ nìyí:

```sql
(created_at AT TIME ZONE 'America/New_York')::date
```

Bí ẹ bá kà á, ó jọ ohun tó tọ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ méjì tó kọjú síra ni `AT TIME ZONE` ń ṣe nínú PostgreSQL, irú kọ́lọ́ọ̀mù tí ẹ bá gbé fún un ló sì ń yan èyí tó máa ṣe. Bí kọ́lọ́ọ̀mù bá jẹ́ `timestamptz`, dátábéèsì mọ ìṣẹ́jú tí à ń sọ ní pàtó, yóò wá sọ ohun tí aago ara ògiri Niú Yọ́ọ̀kì ń kà ní ìṣẹ́jú yẹn. Bó bá jẹ́ `timestamp` lásán, dátábéèsì kò mọ ibi tí aago náà ti wá. Yóò gbà pé Niú Yọ́ọ̀kì ni wọ́n ti kọ ọ́, yóò sì yí i sí ìṣẹ́jú gidi láti ibẹ̀.

`timestamp` lásán ni ti ilé iṣẹ́ yìí. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọjà tí wọ́n rà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15. Sáfà kọ `2024-01-15 22:00`. Dátábéèsì gbà pé aago mẹ́wàá alẹ́ Niú Yọ́ọ̀kì nìyẹn, ó wá fi wákàtí márùn-ún kún un, ó di aago mẹ́ta òru ọjọ́ 16 ní UTC. Dípò kí ó yọ márùn-ún, ó fi márùn-ún kún un. Láti aago méjì ọ̀sán lọ́hùn-ún ni ọjọ́ ti wá ń yẹ̀ báyìí. Ọ̀sán tí ìyá oníwèé owó ń sọ gan-an nìyẹn.

Ohun tó mú kí ó pẹ́ kí wọ́n tó rí i ni pé kọ̀ǹpútà ẹni tó kọ ọ́ àti sáfà kò fún wọn ní èsì kan náà. Èsì ìyípadà yẹn jẹ́ `timestamptz`, `::date` tó tẹ̀ lé e sì ń wo àgbègbè àkókò tí sẹ́ṣọ̀n wà. Lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, Niú Yọ́ọ̀kì ni. Lórí sáfà, UTC ni. Ìbéèrè kan náà, dátà kan náà, ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Nítorí náà, kí n tó bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí èsì, mo máa ń ní kí àwa méjèèjì kọ́kọ́ tẹ `SHOW timezone;` ná. Ọ̀pọ̀ àríyànjiyàn ló ti parí síbẹ̀.

Fún `timestamp` lásán tó ń gbé àkókò UTC, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí ẹ sọ ọ́. Ẹ kọ́kọ́ sọ ibi tí aago náà ti wá, kí ẹ tó sọ ibi tí ẹ fẹ́ kà á sí:

```sql
(created_at AT TIME ZONE 'UTC'
            AT TIME ZONE 'America/New_York')::date
```

Ní tèmi o, mo fẹ́ kí kọ́lọ́ọ̀mù fúnra rẹ̀ di `timestamptz`, kí ẹnikẹ́ni má baà tún máa méfò. Àmọ́ pańpẹ́ kan wà níbẹ̀ tí n kò rí kí àwọn ènìyàn máa kìlọ̀ nípa rẹ̀ tó. Ọjọ́ tí ẹ bá yí irú kọ́lọ́ọ̀mù náà padà, ìbéèrè tó tọ́ lókè yìí yóò di èyí tí kò tọ́, kò sì ní sọ ohunkóhun. `AT TIME ZONE` àkọ́kọ́ á bọ́ àgbègbè àkókò kúrò lára rẹ̀, ìkejì á gbà pé Niú Yọ́ọ̀kì ló ti wá, ọjọ́ á sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ láti aago méjì ọ̀sán. Ìbéèrè kejì tó bàjẹ́ tẹ́lẹ̀ ló máa wá tọ́! Ẹ wá gbogbo ibi tí `AT TIME ZONE` ti fara hàn kí ẹ tó fọwọ́ kan tábìlì náà, kí ẹ sì tún wọn ṣe lẹ́ẹ̀kan náà.

Àwọn kan á ní kí la fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe, ṣebí kí a kàn yọ wákàtí márùn-ún ni. Yóò ṣiṣẹ́ títí di oṣù Kẹta. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹta, ọdún 2024, Niú Yọ́ọ̀kì sún aago síwájú, ìyàtọ̀ náà sì di wákàtí mẹ́rin. Ọjà aago méjìlá ààbọ̀ òru, tí sáfà kọ ní 04:30, á wá di aago mọ́kànlá ààbọ̀ alẹ́ àná. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀yìn ni ọjọ́ ń yẹ̀ sí lọ́tẹ̀ yìí, wákàtí àkọ́kọ́ nínú ọjọ́ nìkan ló sì ń bá a lọ. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, tó sì jẹ́ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan ló ń ṣẹlẹ̀, ẹnì kan ti fi nọ́ńbà rọ́pò orúkọ àgbègbè.

Ọjọ́ 10 yẹn náà ló tú àṣírí ẹni tó bá gbà pé wákàtí mẹ́rìnlélógún ni gbogbo ọjọ́. Wákàtí mẹ́tàlélógún péré ni ọjọ́ náà ní. Ẹni tó bá mú ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, tó sì fi wákàtí mẹ́rìnlélógún kún un, á gbé wákàtí àkọ́kọ́ ọjọ́ 11 mọ́ ọn, ọjọ́ 11 á sì tún ka ọjà kan náà. Ẹ jẹ́ kí kàlẹ́ńdà fúnra rẹ̀ sọ ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ méjèèjì. Bí kọ́lọ́ọ̀mù bá ti di `timestamptz`:

```sql
WHERE created_at >= timestamp '2024-03-10' AT TIME ZONE 'America/New_York'
  AND created_at <  timestamp '2024-03-11' AT TIME ZONE 'America/New_York'
```

Ìbẹ̀rẹ̀ jẹ́ 05:00 UTC, òpin jẹ́ 04:00 UTC ọjọ́ kejì, ó pé wákàtí mẹ́tàlélógún géérégé. Àǹfààní mìíràn ni pé a kò fọwọ́ kan kọ́lọ́ọ̀mù, nítorí náà atọ́ka rẹ̀ ṣì wúlò. Ẹ kíyè sí `<` tó wà lápá òpin. `BETWEEN '2024-01-01' AND '2024-01-31'` kì í mú ju ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́ ọjọ́ 31 lọ, nítorí aago méjìlá òru ni ọjọ́ tí kò ní wákàtí dúró fún. Ẹni tó bá wá lẹ̀ `23:59:59` mọ́ ọn ti dín ìṣòro náà kù, ṣùgbọ́n ìṣẹ̀lẹ̀ tó bá bọ́ sí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá tó kẹ́yìn ṣì ń bọ́ sílẹ̀.

Irú kan ṣẹ́ kù tí ẹ kò gbọ́dọ̀ wá lọ sí dátábéèsì rárá. Bí iye ọjọ́ kọ̀ọ̀kan bá péye, àmọ́ tí gbogbo rẹ̀ pátá fi ọjọ́ kan wà lẹ́yìn ọjọ́ tó yẹ kó wà, ojú ìwé tó ń yàwòrán ni kí ẹ yẹ̀ wò. Nínú JavaScript, `new Date('2024-01-15')` túmọ̀ sí aago méjìlá òru UTC. Ẹni tó bá ṣí i ní Niú Yọ́ọ̀kì á rí aago méje alẹ́ ọjọ́ 14, ìjábọ̀ á sì kọ 14 sábẹ́ ọwọ̀n. Ẹni tó wà níbi tí aago wọn ṣíwájú UTC á ṣí ojú ìwé kan náà, kò ní rí àléébù kankan. Ọjọ́ ìjábọ̀ kì í ṣe ìṣẹ́jú; mo máa ń fi í sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán láti dátábéèsì dé ojú ìwé, kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di òǹtẹ̀ àkókò lójú ọ̀nà.

Ìlà mẹ́ta ni mo fi sínú àyẹ̀wò fún ilé iṣẹ́ náà, gbogbo wọn ní aago Niú Yọ́ọ̀kì: aago mẹ́ta ọ̀sán àti aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ alẹ́ nígbà òtútù, àti aago méjìlá ààbọ̀ òru nínú oṣù Keje. Mo jẹ́ kí sẹ́ṣọ̀n àyẹ̀wò náà wà ní UTC, kí ó lè jọ sáfà. Ìlà aago mẹ́ta ọ̀sán ń mú ìyípadà tó kọjú sódì, ti alẹ́ ń mú àìyípadà, ti oṣù Keje sì ń mú ẹni tó bá yọ wákàtí márùn-ún.