Mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù lẹ́ẹ̀mẹta, àlejò ṣì wà nínú ilé

Iṣẹ́ fótò ni mò ń ṣe ní Òṣogbo. Gbogbo àwòrán ìgbéyàwó tí mo bá yà, orí Google Drive ni mò ń kó wọn sí kí oníbàárà lè rí tirẹ̀ gbà. Lọ́jọ́ kan, mo ṣí fódà ìgbéyàwó kan, mo sì rí i pé ẹnikẹ́ni tó bá ti ní líǹkì rẹ̀ ló lè wò ó. Èmi àti ìyá ìyàwó nìkan ni mo ṣí i fún. Mo wo Activity fódà náà: You ni wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó yí i padà, ní aago mẹ́ta òru. Èmi tí mo ń hanrun ní aago mẹ́ta òru!

Ibi tí mo kọ́kọ́ sáré lọ ni myaccount.google.com, mo tẹ Security, mo lọ sí Your devices. Ibẹ̀ ló ń to gbogbo ẹ̀rọ tó wọ àkáǹtì yín láàárín ọjọ́ 28. Mo rí fóònù kan tí wọ́n kọ Lagos sí lẹ́gbẹ̀ẹ́, bẹ́ẹ̀ mi ò dé Èkó láti ìgbà Àjíǹde. Àyà mi já. Mo tẹ Sign out, mo pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ká tó jẹun alẹ́, fóònù ọwọ́ mi ní kí n wá tẹ páásíwọ́ọ̀dù tuntun. Èmi gan-an ni mo lé jáde! Orúkọ ìlú tó wà níbẹ̀, àbá lásán ni. Òṣogbo lẹ lè wà kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù yín gba Èkó já sórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ní báyìí, irú ẹ̀rọ àti àkókò ni mo kọ́kọ́ ń wò. Bí ẹ kò bá ní iPhone rí, tí wọ́n sì kọ iPhone síbẹ̀, ẹ dìde. Bó bá jẹ́ kọ̀ǹpútà Windows ni, ẹ rántí káfè tí ẹ ti lọ tẹ ìwé kí ẹ tó pariwo olè.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, fódà mìíràn tún ṣí sílẹ̀. Mo tún pààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù. Ó tún ṣẹlẹ̀, mo tún pààrọ̀ rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi ló là mí lójú: "Ọ̀gá, áàpù tí ẹ fi ń sọ ìwé àdéhùn di PDF lọ́dún kìíní ńkọ́? Ẹ tẹ Allow fún un níṣojú mi."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Áàpù bẹ́ẹ̀ kò mọ páásíwọ́ọ̀dù yín, kò sì nílò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá tẹ Allow, wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀ fún un. Bí kọ́kọ́rọ́ náà bá kan Gmail, pípààrọ̀ páásíwọ́ọ̀dù máa ń pa á; bó bá jẹ́ Drive nìkan ló ń ṣí, ó ń ṣiṣẹ́ lọ ni. Nọ́ńbà tí Google ń fi ránṣẹ́ sí fóònù yín nígbà tí ẹ bá fẹ́ wọlé kò dá a dúró. Ẹ ò sì lè rí i nínú Your devices, torí kì í ṣe ẹ̀rọ ló wọlé. Orúkọ yín ló fi ń ṣe gbogbo ohun tó bá ṣe, ìdí nìyẹn tí Activity fi pè é ní You.

Ojú ibi tí ẹ ti máa rí i ni myaccount.google.com/connections. Mẹ́sàn-án ni mo bá níbẹ̀, mi ò sì rántí márùn-ún. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tẹ See details. Èyí tó jẹ́ orúkọ àti ímeèlì nìkan ló mọ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ bà mí lẹ́rù. Ẹ wá gbólóhùn yìí: See, edit, create, and delete all of your Google Drive files. Ọ̀rọ̀ all yẹn ni kí ẹ dúró lé lórí. Èyí tó bá sọ pé only the specific Google Drive files you use with this app, àwọn fáìlì tí ẹ bá fi áàpù náà lò nìkan ló lè fọwọ́ kàn. Ti oní-PDF mi, all ni. Mo tẹ Remove access, mo sì fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Mo ṣèèṣì lé áàpù tó ń bá mi kọ rìsíìtì náà jáde. Nígbà tí mo tún ṣí i, ó tún béèrè àyè, mo sì fún un. Kò sí ewu níbẹ̀.

Lílé e jáde kò tún ohun tó ti bàjẹ́ ṣe. Fódà 14 tó ṣí sílẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí, àfi ìgbà tí mo wọ Share lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan tí mo dá a padà sí Restricted. Mo wo Trash náà, torí ọjọ́ 30 péré ni nǹkan fi ń dúró níbẹ̀.

Mo wá pe ìyá ìyàwó, mo sọ ọ́ fún wọn bó ṣe rí.

"Bọ̀dá Fótò," wọ́n ní, "ta ló ti wò ó?"

Mo ní, "Mà á, Drive kì í kọ orúkọ ẹni tó bá gba líǹkì wọlé bẹ́ẹ̀." Wọ́n dákẹ́ títí, wọ́n wá ní kí n kó àwòrán náà sórí fíláàṣì, kí n sì pa ti orí íńtánẹ́ẹ̀tì rẹ́.