Owó Tí Àǹtí Káṣíà Dá

Bí wọ́n bá ní kí n tún bá wọn gba owó ìdágbére jọ ní ọ́fíìsì wa, n ó gbà. Ṣùgbọ́n mẹ́sẹ́ńjà wa kò tún ní gbé àpòòwé kiri fún mi mọ́.

Àǹtí Káṣíà ló ń fi wá sílẹ̀. Wọ́n ti ń gba owó lójú fèrèsé yẹn kí èmi tó dé Ìjẹ̀bú-Òde. Ọkọ wọn wá rí iṣẹ́ sí Ìlọrin, ó di dandan kí wọ́n tẹ̀ lé e. Lórí ohun tí a máa rà fún wọn, kò sẹ́ni tó jiyàn, nítorí kò sí ọ̀sán kan tí Àǹtí kì í fi páálí fẹ́ ara wọn. Fáànù oníbátìrì ni, irú èyí tó máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí iná bá lọ. Ọ̀rọ̀ owó ló di wàhálà.

Akáńtáǹtì wa ti lọ béèrè iye rẹ̀ ní Fọlágbadé. Ó ti ná an, ná an, ó ti já sí 55,000 náírà. Káàdì àti bébà tí a ó fi wé e jẹ́ 2,500. Èèyàn 22 ni a jẹ́ tí a bá yọ Àǹtí kúrò. Ó tẹ ẹ̀rọ ìṣirò rẹ̀, ó ní kí kálukú mú 2,614 wá. Náírà mẹ́jọ tó máa ṣẹ́ kù, ó ní òun á fi ra súìtì fún wa.

"Ṣebí bí a ṣe ń ṣe é nínú rẹgbẹ́rẹgbẹ́ nìyẹn," ó ní. "Iye kan náà ni gbogbo wa ń san fún Ojúde Ọba. Kò sẹ́ni tó ń sunkún."

Èmi náà wà nínú rẹgbẹ́rẹgbẹ́, mo sì mọ̀ pé kò purọ́. Àmọ́ tí o bá san owó aṣọ Ojúde Ọba, aṣọ tìrẹ lo san owó rẹ̀, ìwọ náà lo máa wọ̀ ọ́ yan. Ohun tí kálukú ń gbé lọ sílé dọ́gba, kò burú kí owó dọ́gba. Fáànù yìí, ẹnì kan ṣoṣo ló máa gbé e lọ. Ìyá tó ń gbálẹ̀ fún wa, 70,000 ni wọ́n ń gbà lóṣù, iye tí ìjọba fi lélẹ̀ ní 2024 pé owó oṣù òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ kéré sí. Tí a bá mú 2,614 nínú rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó náírà mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀gá wa tó ń gba 400,000, tiwọn kò tó náírà kan. Lórí bébà, ó dọ́gba. Ní Jímọ̀ọ̀, ìyá yẹn ni yóò fẹsẹ̀ rìn délé.

Mo ní kí kálukú mú ohun tí agbára rẹ̀ bá ká wá, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ iye tí ẹnìkejì mú wá. Akáńtáǹtì fò dìde.

"Tí a kò bá ní ka orúkọ àti iye sí gbangba, ta ló máa mú owó gidi wá?"

Òde ìnáwó ló ti kọ́ ìyẹn. Lóòótọ́, tí alága bá ń ké iye owó sínú gbohùngbohùn, owó máa ń jáde, nítorí ẹni tó fẹ́ kí a gbọ́ orúkọ òun ló ń dìde. Ẹni tí kò ní, ìrẹsì rẹ̀ ló dojú kọ. Ní ọ́fíìsì tí gbogbo wa ti mọ owó oṣù ara wa, ẹni tó mú 500 wá yóò máa sá fún ojú ẹni tó mú 5,000. Ẹni tó mú 5,000 yóò sì máa retí kí òun kọ́kọ́ bu ìkòkoré lọ́jọ́ ìdágbére.

Ọ̀rọ̀ mi ló borí. Mo ra àpòòwé funfun kéékèèké, gbogbo wọn rí bákan náà, kò sí orúkọ lára wọn. Mẹ́sẹ́ńjà yóò pín in. Kálukú yóò fi owó sínú tirẹ̀, yóò lẹ̀ ẹ́ pa, yóò jù ú sínú àpòòwé ńlá kan. Bó bá ti jù ú síbẹ̀, mẹ́sẹ́ńjà yóò fa ìlà sí orúkọ rẹ̀ nínú bébà kan, ìlà lásán, kò sí iye. Kì í ṣe pé a fẹ́ fi ìlà yẹn dójú ti ẹni tí kò san. Tí a bá fẹ́ ka owó, iye àpòòwé kéékèèké gbọ́dọ̀ bá iye ìlà mu, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ lọ́la pé òun san owó tí a kò rí, kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé mo ti fi owó rẹ̀ ra àkàrà. Ẹni tó bá fẹ́ fi fóònù ránṣẹ́ á san án sínú àkáǹtì mi, èmi nìkan ni mo sì máa mọ iye rẹ̀. (Ẹnu mi kò tíì ṣí títí di òní. Àmọ́ ẹnì kan wà láàrin wa tó fi 1,990 ránṣẹ́, torí pé báńkì gba náírà 10 lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò dárúkọ.)

Mo tún lọ bá Ọ̀gá nínú yàrá wọn. Wọ́n ti na ọwọ́ sápò.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin ni kí ẹ ṣe ìkẹyìn."

"Kí ló dé? Ẹ ò fẹ́ owó mi ni?"

Mo ṣàlàyé fún wọn pé tí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ pé Ọ̀gá ti mú owó ńlá sílẹ̀, wọ́n á ní ó ti tó, ẹni tó fẹ́ mú 3,000 á mú 1,000. Ká gba ti àwọn tó kù tán ná, ká wá sọ iye tó kù fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní àwọn kò rí ẹni tó lé owó padà rí, àgàgà ọmọ Ìjẹ̀bú.

Bùrọ̀dá kan náà wà ní ẹ̀ka títà tó ké sí mi láti òkèèrè lọ́jọ́ Ajé: "Ẹ kọ 10,000 sílẹ̀ fún mi!" Akáńtáǹtì ti fẹ́ fi ìyẹn gba fáànù láwìn. Mo ní owó ẹnu kò ra fáànù. Ọjọ́bọ̀ la ó ka owó, Jímọ̀ọ̀ la ó lọ sọ́jà, ohun tó bá wà nílẹ̀ la ó rà. Títí tí mo fi ń kọ èyí, 10,000 yẹn ṣì ń bọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, èmi àti Akáńtáǹtì ti ara wa mọ́ yàrá ẹrù. Èèyàn márùn-ún ló ti fi fóònù ránṣẹ́. Nínú bébà mẹ́sẹ́ńjà, ìlà 12 ló wà. Kí a tó ṣí ohunkóhun, a ka àpòòwé. Ó jẹ́ 13.

A tún un kà, ó jẹ́ 13. Akáńtáǹtì kà á láti ẹ̀yìn wá. Ojú rẹ̀ ti yí padà, nítorí láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ìṣirò, owó tó dín ló mọ bí wọ́n ṣe ń wá; owó tó lé kò bá a rí. A ránṣẹ́ pe mẹ́sẹ́ńjà. Bó ṣe rí ojú wa ló ti dọ̀bálẹ̀.

"Àǹtí ni," ó ní.

"Àǹtí wo?"

"Àǹtí Káṣíà. Wọ́n pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n rí àpòòwé. Wọ́n ní ta ló tún ṣe kí ni. Mo ní ọ̀kan nínú wa ni, mà. Wọ́n ní, 'Ó kú ni?' Mo ní rárá mà, ó ń lọ ni. Wọ́n bá kígbe, 'Háà! Ó ń kú lọ!' Wọ́n já àpòòwé kan gbà lọ́wọ́ mi, wọ́n kó owó sí i, wọ́n ní kí Ọlọ́run bá wa wo onítọ̀hún sàn."

"O wá gbà á?"

"Kí ni kí n sọ, sà? Kò sí orúkọ wọn nínú bébà, mi ò mọ ibi tí mo máa fa ìlà sí."

Ó rọrùn láti mọ èyí tó jẹ́ tiwọn, torí òun nìkan ni wọ́n fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ pa. A ṣí i. 1,000 márùn-ún ló wà níbẹ̀. Àpòòwé tó kù àti owó orí fóònù para pọ̀ jẹ́ 45,490. Ó ku 12,010 kí owó tó pé, Akáńtáǹtì sì ti ń wo 5,000 yẹn bí ológbò ṣe ń wo ẹja.

"Ká sọ fún Ọ̀gá pé 7,010 ló kù," ó ní. "Àǹtí kò ní mọ̀."

Mo ní a ò ní ta fáànù fún ìyàwó oníyàwó. Tí owó yẹn bá wọ inú rẹ̀, Àǹtí fúnra wọn ló ra nǹkan bí ìdá kan nínú mọ́kànlá ẹ̀bùn wọn, wọ́n á tún dúpẹ́ lọ́wọ́ wa. A ò sì lè dá a padà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n á béèrè pé aláìsàn yẹn ńkọ́, àṣírí á tú. A fẹnu kò pé kí 5,000 wọn wà nínú káàdì lọ́jọ́ kejì, wọ́n á rò pé a kàn fi owó ọkọ̀ kún un ni. Mo sọ fún mẹ́sẹ́ńjà pé kó fi 5,000 Àǹtí sínú káàdì. Iye tí Ọ̀gá gbọ́ ni 12,010. Wọ́n mú 15,000 wá.

Ní Jímọ̀ọ̀, a ra fáànù, 2,990 ló ṣẹ́ kù. A fi ra ohun mímu. Mo kọ ọ́ sórí wásáàpù pé báyìí lowó tó wọlé, báyìí la ṣe ná an, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni, mo sì ya bébà onílà náà dànù. Gbogbo wa la fọwọ́ sí káàdì, àti àwọn mẹ́rin tí kò san. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Fáànù lówó wà fún, káàdì wà fún ó dàbọ̀. Bùrọ̀dá oní-10,000 ló kọ èyí tó gùn jù níbẹ̀, ìdajì ojú ewé.

Àǹtí sunkún nígbà tí wọ́n rí fáànù. Wọ́n ṣí káàdì, owó jábọ́ sórí tábìlì. Wọ́n he é. Ọwọ́ káṣíà kò lè rí owó kó má kà á: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta. Wọ́n dúró lórí ẹ̀kẹrin. Wọ́n gbé e sókè sí ojú fèrèsé. 1,000 kan ni, ó ti ya sí méjì láàrin, wọ́n ti fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ tẹ́lẹ̀.

"Owó yìí," wọ́n ní. "Owó tí gbogbo ọjà Òkè-Ajé ti kọ̀ lọ́wọ́ mi! Aláta kọ̀ ọ́, ẹlẹ́ja kọ̀ ọ́, ọlọ́kadà kọ̀ ọ́. Mo ti fi ṣàánú aláìsàn, báwo ló ṣe dé ibí?"

Gbogbo ilé pa lọ́lọ́. Mẹ́sẹ́ńjà, ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé àṣẹ, ní 5,000 Àǹtí ni wọ́n ní kí òun fi síbẹ̀, òun sì fi 5,000 Àǹtí síbẹ̀, mà.

"Ta wá ni aláìsàn?"

"Ẹ̀yin náà ni, mà."

Wọ́n wo fáànù, wọ́n wo mẹ́sẹ́ńjà, wọ́n wá bú sẹ́rìn-ín títí tí ìyá tó ń gbálẹ̀ fi gbé omi fún wọn. Wọ́n ti 4,000 bọ àpamọ́wọ́. Wọ́n na èyí tó ya sí mẹ́sẹ́ńjà: "Gbà, fi jẹ súyà, o ṣe wàhálà."

Ní ọjọ́ Ajé, mo bá a lórí tábìlì mi. Ó ní alásúyà kọ̀ ọ́.