Ìdá lórí wasáàpù

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, fídíò ojúkojú ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìdá. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọmọ méjìlélógún fi ku márùn-ún. Ìyá kan pè mí láti Ìtòkú: "Ẹ jọ̀ọ́ tíṣà, détà ọ̀sẹ̀ kan ló jẹ tán yẹn o." Ó dùn mí wọra.

Mo bá tú ètò ẹ̀kọ́ náà palẹ̀. Nínú ogójì ìṣẹ́jú, àlàyé tí kò ṣeé yọ kò ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Mo gbà á sílẹ̀ ní ohùn mẹ́ta, ìṣẹ́jú kan kan, kó lè jẹ́ pé bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, ẹyọ kan ṣoṣo ni ọmọ yóò tún fà. Búrẹ́dì tí mo máa ń gé níwájú wọn di àwòrán kan. Gbogbo rẹ̀ kò pé 1 MB.

Ojú wọn tí n kò rí ló nira jù. Ní kíláàsì, bí ọmọ bá ti lejú koko, mo ti mọ̀. Ìbéèrè ni mo fi rọ́pò rẹ̀: 1/2 + 1/3. A: 2/5, B: 2/6, D: 5/6. Kí wọ́n fi lẹ́tà kan ránṣẹ́, ó pẹ́ tán aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí fóònù ìyá wọn bá ti ọjà dé.

Ọmọ mẹ́sàn-án mú A. Wọ́n ro òkè pọ̀ mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Àwọn yẹn nìkan ni mo fi ohùn kẹrin ránṣẹ́ sí: ẹ gé búrẹ́dì yín sí mẹ́fà, ìdajì rẹ̀ jẹ́ mẹ́ta, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ méjì. Mo wá fún wọn ní 1/2 + 1/5. Mẹ́jọ ló dáhùn 7/10 kí n tó sùn.