Ẹ̀jẹ̀ tí mo rí nínú ìgbẹ́ ọmọ mi kì í ṣe ti ṣúgà inú mílíìkì

Nígbà tí àkọ́bí mi pé ọ̀sẹ̀ 8, tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi mílíìkì àgolo kún ọmú fún un. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí mo fi rí ikun àti ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tí awọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ sì le, tó ń yún un débi tí kò lè sùn. Ìyá ọkọ mi ní jẹ̀díjẹ̀dí ni, kí n wá àgbo. Ẹni tó ń ta oògùn ládùúgbò wa ní mílíìkì ni kò bá a lára mu, ó sì tà mí ní àgolo mìíràn tí wọ́n ti yọ láktóòsì kúrò nínú rẹ̀. Mo fi bọ́ ọmọ náà fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, ẹ̀jẹ̀ kò dá.

Dókítà ọmọdé ló tú u palẹ̀ fún mi. Láktóòsì ni ṣúgà inú mílíìkì, láktéèsì tó wà lára ìfun ló sì ń dà á. Bí láktéèsì kò bá tó, ṣúgà náà á ṣàn lọ sí ìsàlẹ̀ ìfun láìdà, afẹ́fẹ́ á kún inú ọmọ, ìgbẹ́ rẹ̀ á di omi. Ṣùgbọ́n kì í mú awọ le, kì í sì í fa ẹ̀jẹ̀. Àlẹ́jì mílíìkì màlúù ni ọmọ mi ní, ìyẹn ni pé purotéènì inú mílíìkì ni ara rẹ̀ ń bá jà bí ẹni ń bá ọ̀tá jà. Àgolo tí mo rà kò sì ní ṣúgà náà lóòótọ́, àmọ́ purotéènì màlúù kún inú rẹ̀ bámúbámú.

Mo rántí pé èmi àti bàbá mi kì í lè mu mílíìkì kí inú wa má kùn, mo sì rò pé ọmọ jogún rẹ̀ ni. Dókítà ní ti àgbàlagbà yẹn kì í sábà bẹ̀rẹ̀ lára ọmọ ọwọ́. Láktóòsì inú ọmú ìyá tó gíráàmù 7 nínú mílílítà 100, ó pọ̀ ju ti màlúù lọ. Ọmọ tí láktóòsì bá ń dà láàmú láti ìbí, ara rẹ̀ kò ní í gba ọmú rárá, irú wọn sì ṣọ̀wọ́n gan-an.

Nítorí pé ti ọmọ mi kì í yọ lójú ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé ó ń gba wákàtí mélòó kan tàbí ọjọ́ kan sí méjì, dókítà ní àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò ní í fi nǹkan kan hàn. Yíyọ mílíìkì kúrò àti dídá a padà ni àyẹ̀wò rẹ̀. Mo pa àgolo tì, mo ń fún ọmú jọ lẹ́nu iṣẹ́, èmi fúnra mi kò sì jẹ wàrà, bọ́tà, yógọ́ọ̀tì, tàbí búrẹ́dì àti bisikíìtì tí wọ́n bá kọ kásíìnì tàbí wéè, tó jẹ́ orúkọ purotéènì mílíìkì, sára ọ̀rá rẹ̀. Wàrà Fúlàní ló dùn mí jù. Wọ́n fún mi ní káṣíọ́ọ̀mù àti fítámì D. Ẹ̀jẹ̀ dá láàárín ọjọ́ 5, awọ ara gba ọ̀sẹ̀ 3. Ní òpin ọ̀sẹ̀ 4, dókítà ní kí n mu ife mílíìkì kan. Lọ́jọ́ kejì ẹ̀jẹ̀ tún yọ, a sì mọ̀ dájú.

Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò bá mu ọmú yóò nílò mílíìkì tí wọ́n ti gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́, èyí tó wọ́n lówó. Mílíìkì ewúrẹ́ kò lè rọ́pò rẹ̀, nítorí purotéènì rẹ̀ jọ ti màlúù. A kì í sì í fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6 ní ti ṣóyà. Nígbà tí ọmọ mi pé ọdún kan, a bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin bisikíìtì kan, nítorí pé yíyan máa ń dín agbára purotéènì náà kù. A ń gòkè díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ń mu mílíìkì gan-an nígbà tó pé ọdún méjì. Ọmọ tí ojú tàbí ètè rẹ̀ bá wú, tí ara rẹ̀ lé tàbí tí mímí rẹ̀ ń han láìpẹ́ lẹ́yìn tó mu mílíìkì, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíá. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ ìdápadà díẹ̀díẹ̀ yìí nílé.

Àbúrò rẹ̀ ló wá ní ti láktóòsì. Ó pé oṣù 8, ó ya ìgbẹ́ gbuuru fún ọjọ́ mélòó kan, ibà lọ, síbẹ̀ gbogbo ìgbà tó bá mu mílíìkì ni ìgbẹ́ omi tó ń hó, tó ń rùn kíkan, ń jáde, ìdí rẹ̀ sì pọ́n yòò. Kò sí ẹ̀jẹ̀. Àìsàn náà ló ti họ ara ìfun rẹ̀, láktéèsì sì bá a lọ. Wọ́n ní kí n má ṣe dá ọmú dúró, kí n máa fún un ní omi iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n pò sínú ọ̀rá, àti síǹkì mílígíráàmù 20 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 10. Àgolo tí kò ní láktóòsì tó já mi kulẹ̀ lọ́jọ́sí ni wọ́n ní kí n fi rọ́pò èyí tó ń mu, ìgbẹ́ sì ki lọ́jọ́ kẹta. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 4, a dá a padà sórí mílíìkì rẹ̀ àtijọ́, kò sì ṣe é nǹkan kan.